Ohun tí kọnkéré máa bò ni kó o kọ́kọ́ kọ: ìdáhùn fún ọmọ áítì kan

"Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Sífù ẹnjiníàrìn ni mò ń kà, mo ń ṣe áítì olóṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ kọ́ńpìnì kan tó ń kọ́lé n'Ìbàdàn. Lọ́ọ̀gìbúùkù mi ti kù sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, fótò orí fóònù mi lé ní ẹgbẹ̀rún kan, mi ò mọ èwo ni ti ibo mọ́, súpáfáísọ̀ iléèwé sì ń bọ̀. Ṣé mo lè fi fótò yẹn kọ gbogbo ẹ̀ padà? Kí tiẹ̀ ni kí n máa kọ gan-an tí mo bá dé sáìtì, torí 'wọ́n káàsì dẹ́kìn' ni mò ń kọ ṣáá."

Àbúrò mi, o lè kọ díẹ̀ padà, o ò lè kọ gbogbo ẹ̀, màá sọ ibi tí agbára fótò mọ fún ẹ tó bá yá. Àmọ́ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ohun kan palẹ̀, torí òun ló fa ìyókù. Ìwé kan ṣoṣo lo ní, ìwé méjì ló sì yẹ kó o ní. Lọ́ọ̀gìbúùkù tí wọ́n fún yín fún SIWES, ìyẹn ètò áítì yẹn, ojú ìwé tí ITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò náà, àti iléèwé máa wò ni, àyè tó wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kéré, súpáfáísọ̀ kọ́ńpìnì á fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ibi tó o ti máa yàwòrán wà níbẹ̀ náà. Àkópọ̀ lèèyàn ń kọ síbẹ̀, nílé, lálẹ́, lẹ́yìn tó ti wẹ̀ tó ti jẹun. Ìwé kejì ni èyí tó ń wà lápò ẹ lórí sáìtì, tí símẹ́ńtì máa ń ta sí, tí ọwọ́ ẹ ò ní rẹwà nínú ẹ̀ torí pé orí ìdúró lo ti kọ ọ́. Ẹni tí ò ní ìwé kejì yìí, inú orí ló ti ń fa ti àkọ́kọ́ jáde, ìyẹn ni "wọ́n káàsì dẹ́kìn" ṣe ń pọ̀ nínú ẹ̀. Kì í ṣe pé o ò rí nǹkan tó pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ti lọ kó o tó jókòó ni.

Ra ìwé kékeré tí èèpo ẹ̀ le, tí wọ́n rán pọ̀, má ra èyí tó ní wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ torí ojú ìwé ẹ̀ máa ń já. Fi nọ́ńbà sí gbogbo ojú ìwé lọ́jọ́ tó o rà á, báírò lásán ni kó o lò, yíǹkì báírò kì í ṣàn tó bẹ́ẹ̀ tí òjò bá kàn án, ti pẹ́ẹ̀nì jẹ́lì máa ń ṣàn. Tó o bá ṣi nǹkan kọ, fi ìlà kan ṣoṣo fà á kó ṣì ṣeé kà, kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Má fi típẹ́ẹ̀sì pa á rẹ́, má sì ya ojú ìwé kankan. Kò sẹ́ni tó máa fi àṣìkọ bú ẹ, àmọ́ ojú ìwé tó bá ti sọnù láàárín 31 àti 33, gbogbo ẹni tó bá rí i ló máa béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ó dáa, kí lo máa kọ? Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní ìwà kan, ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀ kì í pẹ́ níta. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, wọ́n á dà á padà. Páìpù omi, wọ́n á rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀. Irin dẹ́kìn tí bẹ́ńdà fi ọjọ́ mẹ́ta tò, tí míkísà bá ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán kò sí ojú tó tún máa rí i mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ áítì pé kí wọ́n má máa sáré yàwòrán míkísà àti àwọn lébìrà tó ń ru kọnkéré, ìyẹn dùn ún wò lóòótọ́ àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹnjiníà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú káàsì àti àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí míkísà tó dún, nìgbà tí ìwé ẹ yẹ kó kún jù. Tó o bá dé sáìtì, ìbéèrè tó yẹ kó wà lọ́kàn ẹ ni: kí ló wà níta báyìí tí kò ní sí níta lọ́la? Ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ lọ.

Jẹ́ ká fi dẹ́kìn kan ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní Túsìdeè ni, 11 oṣù kẹta 2025, dẹ́kìn àjà àkọ́kọ́ lo fẹ́ wò, wọ́n ti to irin tán, wọ́n sì fẹ́ káàsì lọ́jọ́ kejì. Kó o tó gun àkàbà, kọ orí ojú ìwé náà: ọjọ́, aago tó o dé (ká ní 8:10), bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ẹni tẹ́ ẹ jọ lọ, àti nọ́ńbà páláànì tó o máa fi wé e pẹ̀lú lẹ́tà àtúnṣe tó wà lábẹ́ ẹ̀, bíi "S-05, àtúnṣe B". Lẹ́tà àtúnṣe yẹn làwọn ọmọ áítì kì í kọ, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, torí o lè rí i pé àtúnṣe A tó ti ya létí tó ti dọ̀tí ni bẹ́ńdà ń lò látàárọ̀, B sì wà lófíìsì lórí tábìlì. Tí o ò bá kọ èyí tó o lò, o ò ní lè sọ lẹ́yìn oṣù kan bóyá irin ló ṣì tàbí páláànì tó o dì mú ló ti gbó.

Kọ ibi tó o wà. "Dẹ́kìn" kì í ṣe ibi, dẹ́kìn ilé kan lè ní yàrá méjìlá lábẹ́. Lórí páláànì, àwọn ìlà wà tó gba orí àwọn pílà kọjá, apá kan ní lẹ́tà, apá kan ní nọ́ńbà, pílà B2 sì ni ibi tí ìlà B àti ìlà 2 ti pàdé. Nítorí náà kọ ọ́ báyìí: "dẹ́kìn àjà àkọ́kọ́, láàárín B àti C, láàárín 2 àti 3". Tí wọn ò bá kọ orúkọ pílà sára wọn lórí sáìtì, bẹ fóòmánì kó jẹ́ kó o fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, gbogbo sáìtì ló sì máa jẹ èrè ẹ̀.

Ká ní páláànì sọ pé irin 12 ni, ìyẹn irin tó nípọn ní mìlímítà 12, àlàfo 200 mìlímítà, nísàlẹ̀, lọ́nà méjèèjì, dẹ́kìn nípọn 150, kọ́fà 25. Kọ ìyẹn sápá òsì ojú ìwé, kí apá ọ̀tún ṣófo de ohun tó o máa rí. Wàyí o, báwo lèèyàn ṣe ń wọn àlàfo irin? Ọ̀pọ̀ ọmọ áítì á fi téèpù sí àlàfo kan, á rí 205, á kọ 205, ó parí. Àlàfo kan ò sọ nǹkan kan fún ẹ, bẹ́ńdà tó ń fi ojú wọ̀n máa ní 185 níbì kan, 230 níbòmíì, o kàn lè bọ́ sórí èyí tó dáa. Àlàfo mẹ́wàá ni kó o wọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Fi orí téèpù sí etí òsì irin kan, ka àlàfo mẹ́wàá, ka téèpù ní etí òsì irin tó kàn. Ṣọ́ra níbí o, àlàfo lo ń kà, kì í ṣe irin, àlàfo mẹ́wàá ní irin mọ́kànlá, ẹni tó bá ka irin mẹ́wàá tó tún fi mẹ́wàá pín in ti ṣì í. Etí òsì dé etí òsì náà ló yẹ kó jẹ́, torí ó dọ́gba pẹ̀lú àárín dé àárín tí páláànì ń sọ, bẹ́ẹ̀ etí rọrùn láti rí ju àárín irin lọ.

Ká ní o wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà B o rí 2010, láàárín o rí 2020, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà C o rí 2150. Ohun tí téèpù sọ yẹn gan-an ni kó o kọ: "2150 fún àlàfo 10". Má kàn kọ 215. Àṣìṣe lè wọ inú ìṣirò, tí nọ́ńbà téèpù bá sì wà níbẹ̀ ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe, tí kò bá sí níbẹ̀ àfi kí wọ́n gbà ẹ́ gbọ́ láìwádìí. Kọ ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀, "irin àkọ́kọ́ wà ní 300 sí ojú pílà C2", kí ẹlòmíì lè padà lọ síbẹ̀ kan náà pẹ̀lú téèpù tiẹ̀.

Ṣé 2150 yẹn burú? Ẹ jẹ́ ká wò ó. Irin 12 kan ní 113 mìlímítà onígun ní ojú tí wọ́n bá gé e. Ní àlàfo 200, mítà kan dẹ́kìn gba 565. Ní àlàfo 215, ó gba 526. Ó dín ní bíi 7 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀ yẹn. Bóyá ẹnjiníà tó ṣírò ilé náà ti fi àlékún sí i tó máa gbé e, bóyá kò fi sí i, ìwọ kọ́ lo máa dá ẹjọ́ yẹn, èmi náà ò lè jókòó síbí kí n dá a. Iṣẹ́ tìẹ ni kó o fi han ẹni tó lè dá a, kó o sì kọ ohun tó tẹ̀lé e pẹ̀lú aago: "9:40, mo fi han ẹnjiníà sáìtì, ó ní kí bẹ́ńdà fi irin kan kún un kó sì tún wọn tò. 10:35, mo tún wọ̀n ọ́n níbẹ̀, 2150 fún àlàfo 11." Ìyẹn ti di bíi 195, ó ti wọ inú ohun tí páláànì fẹ́. Wo bí ìlà méjì yìí ti sọ̀rọ̀ tó. Ẹni tó bá kà á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó pàṣẹ, àti pé ẹnì kan padà lọ wò ó. Ìpadà-lọ-wò yẹn lọ̀pọ̀ kì í kọ, wọ́n á kọ àṣìṣe, wọn ò ní kọ àtúnṣe, ìwé wọn á wá dà bí ìwé ẹ̀sùn, inú fóòmánì ò sì ní dùn láti tún fi nǹkan hàn wọ́n mọ́.

Kọ́fà ló kàn, ìyẹn àyè tó wà láàárín irin àti ìta kọnkéré. Bísíkíìtì, àwọn kọnkéré kéékèèké tí wọ́n ń há sábẹ́ irin, ló ń di àyè yẹn mú kí irin má bàa sùn lórí pákó, torí irin tó bá sùn sórí pákó máa hàn nísàlẹ̀ dẹ́kìn lẹ́yìn tí wọ́n bá tú pákó, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Fi rúlà kékeré wọ̀n ọ́n láti orí pákó dé abẹ́ irin. Ká ní o rí 25, 24, àti níbì kan 8 péré, o tẹ̀ bá a o rí i pé bísíkíìtì ibẹ̀ ti fọ́. Ṣé o mọ ohun tó fọ́ ọ? Ẹsẹ̀ ni. Àwọn lébìrà àti àwọn tó ń fa páìpù iná ń rìn lórí irin ní gbogbo ìgbà. Ìdí nìyí tí ọjọ́ nìkan ò tó nínú ìwé ẹ, aago gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí kọ́fà tó dáa láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè lè má dáa mọ́ láago mẹ́jọ àárọ̀ Wẹ́sìdeè. Ohun tó o rí ní aago tó o rí i nìkan lo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́ lórí nínípọn irin, torí ẹni tó bá ti rìn sáìtì wa mọ̀ pé irin 12 míì lọ́jà ò tó 12. Tó o bá fi kálípà wọ̀n ọ́n, àwọn ilà tó wà lára ẹ̀ máa tàn ẹ́ jẹ, ó lè fún ẹ ní ju 12 lọ níbi tó ní ilà, kó dín níbi tí kò ní. Ìwọ̀n kílò ló dáa jù. Gba ègé mítà kan gééré lọ́wọ́ bẹ́ńdà, gbé e sórí ìwọ̀n. Irin 12 tó pé máa wọ̀n ní bíi 0.89 kílò fún mítà kan. Fọ́múlà táwọn oníṣẹ́ irin ń lò nìyí, d ni nínípọn ní mìlímítà, w ni kílò fún mítà kan:

```
w = d x d / 162
```

Tó o bá rí 0.75 kílò, d máa jẹ́ 11. Kọ 0.75 yẹn sílẹ̀, kọ ibi tí ègé náà ti wá, kọ irú ìwọ̀n tó o lò, kó o sì mọ̀ pé ègé kan ò lè jẹ́rìí sí gbogbo ọkọ̀ irin. Má sọ pé "irin sáìtì yìí ò dáa", sọ pé "ègé kan tí mo wọ̀n jẹ́ báyìí báyìí".

Fótò wá kù. Àṣìgbọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn rò pé fótò lè rọ́pò ìwé. Kò lè ṣe é. Fótò irin dẹ́kìn kan dà bíi ti òmíràn bí ìbejì tó wọ aṣọ kan náà, ojú fótò ò sì mọ B2 yàtọ̀ sí D4. Ìwé ló máa sọ ibi tó wà, fótò ló máa jẹ́rìí sí ohun tí ìwé sọ, wọ́n jọ ń rìn ni. Ohun tí mò ń ṣe ni pé, fún nǹkan kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe pàtàkì, mo máa ń ya mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́ láti òkèèrè, tí pílà tàbí àtẹ̀gùn tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹ̀ hàn nínú ẹ̀, kí ibi tí mo wà lè dáni lójú. Èkejì láti àárín, tó fi gbogbo àgbègbè tí mo wọ̀n hàn. Ẹ̀kẹta láti itòsí, téèpù wà lórí irin, nọ́ńbà ẹ̀ sì ṣeé kà. Nínú èkejì àti ẹ̀kẹta, páálí kékeré kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí mo fi máákà kọ ọjọ́, aago, ibi, àti ojú ìwé sí lára, bíi "11/3/2025, 9:15, B-C/2-3, o.ì. 32". Páálí yẹn, kò sí ohun tó lè bọ́ ọ kúrò lára fótò náà mọ́, kódà tí fóònù bá bàjẹ́ tàbí tí ẹnì kan bá fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù.

Nígbà tó o bá ń ya téèpù, dúró kó o jẹ́ kí fóònù dojú kọ nọ́ńbà náà tààrà látòkè. Tó o bá yà á láti ẹ̀gbẹ́, téèpù ga díẹ̀ sí irin tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, nọ́ńbà tó máa hàn nínú fótò á yàtọ̀ sí èyí tó o kà lójú, ó lè fi sẹ́ńtímítà kan ṣì, o ò sì ní mọ bó o ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ nígbà tí ìwé bá sọ 2150 tí fótò sọ 2160. Ìbẹ̀rẹ̀ téèpù náà gbọ́dọ̀ hàn nínú fótò míì, torí téèpù tí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò hàn ò wọn nǹkan kan. Lẹ́yìn tó o bá yà á tán, kí o tó kúrò níbẹ̀, kọ nọ́ńbà fótò sínú ìwé: "fótò 1 sí 3". Àwọn áàpù kan wà tó ń tẹ ọjọ́ àti ibi sára fótò fúnra ẹ̀, ó wúlò, àmọ́ GPS fóònù lè ṣì ní mítà mélòó kan, pàápàá tó o bá wà lábẹ́ dẹ́kìn, mítà mélòó kan sì ni àlàfo pílà sí pílà, nítorí náà ó lè sọ sáìtì tó o wà fún ẹ, kò lè sọ yàrá.

Kó o tó yà ohunkóhun, gba àṣẹ o. Ilé oní-ǹkan ni, kọ́ńpìnì míì ò fẹ́ kí fótò sáìtì àwọn jáde, ẹ̀tọ́ wọn nìyẹn. Béèrè lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ ẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kọ ìdáhùn ẹ̀ sínú ìwé. Má ya ojú òṣìṣẹ́ láì sọ fún un, má sì gbé e sórí ìstátọ́ọ̀sì, pàápàá fótò àṣìṣe tí wọn ò tíì tún ṣe. Tí wọn ò bá gbà kó o yà rárá, àwòrán tó o fi ọwọ́ yà sínú ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà téèpù lára ẹ̀ tó fún ẹ, lọ́ọ̀gìbúùkù gan-an fi àyè sílẹ̀ fún irú ẹ̀.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ti lọ. Fótò tí kámẹ́rà fóònù ẹ yà fúnra ẹ̀ ní ọjọ́ àti aago nínú, lọ wò ó níbi dítéèlì lórí gálárì. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdíróìdì orúkọ fáìlì gan-an ló gbé e, bíi `IMG_20250311_091502.jpg`, ìyẹn 11 oṣù kẹta 2025, aago 9:15. Àmọ́ èyí tó bá jẹ́ pé Wásáàpù ló gbé e wá, bíi `IMG-20250311-WA0004.jpg`, Wásáàpù ti bọ́ aago àti ibi kúrò lára ẹ̀, ọjọ́ tó wà lórúkọ ẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ tó gba orí Wásáàpù kọjá, ó lè jẹ́ ànà ni wọ́n ti yà á, ó lè jẹ́ oṣù tó kọjá. Ya àwọn yẹn sọ́tọ̀, má kọ ọjọ́ fún wọn àfi tí ẹni tó yà á bá fi ti fóònù tiẹ̀ hàn ẹ́. Tí bátìrì fóònù ẹ bá sì kú rí tí ọjọ́ inú ẹ̀ yí padà, wá fótò kan tó o mọ ọjọ́ ẹ̀ dájú, bíi ọjọ́ tí ọkọ̀ gránáìtì wọlé, kó o fi wo bóyá aago fóònù tọ̀nà.

Pín fótò sí fódà lọ́jọ́ lọ́jọ́, orúkọ fódà kó máa bẹ̀rẹ̀ láti ọdún, `2025-03-11`, kí wọ́n lè to ara wọn. Lẹ́yìn náà lọ bá ẹnjiníà sáìtì, tọrọ kó jẹ́ kó o wo ìwé ojoojúmọ́ ti sáìtì, wo ìwé tí sìtọ́à ń kọ símẹ́ńtì tó wọlé sí, wo ohun tẹ́ ẹ jọ sọ lórí gúrúùpù sáìtì. Níbi tí fótò àti ọ̀kan nínú ìwé yẹn bá ti bára mu, o lè kọ ọjọ́ náà tọkàntọkàn. Níbi tí wọn ò bá ti bára mu, kọ ohun tó o mọ̀ nìkan. Kí gbogbo ohun tó o bá kọ báyìí sì gbé ọjọ́ tó o kọ ọ́ gan-an: "mo kọ èyí ní 2 oṣù kẹrin láti inú fótò àti ìwé sáìtì". Òótọ́ ni pé ìlà yẹn á fi hàn pé o pẹ́, súpáfáísọ̀ lè bá ẹ wí, mi ò lè ṣe ìlérí pé kò ní yọ máàkì, iléèwé ò rí bákan náà. Àmọ́ ẹni tó ti ń wo lọ́ọ̀gìbúùkù fún ọdún púpọ̀ mọ ogún ọjọ́ tí wọ́n fi báírò kan náà kọ lórí ìjókòó kan, ìlà kan náà, ọwọ́ kan náà, òógùn kankan ò kan ojú ìwé kankan. Tó bá wá béèrè nọ́ńbà kan lọ́wọ́ ẹ tí o ò mọ ibi tó ti wá, gbogbo èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ á bá a lọ.

Ohun kan tí mi ò ní gbà fún ẹ ni kó o kọ ìwọ̀n tó ò wọ̀n. Má wo páláànì kó o kọ 200 bí ẹni pé téèpù ló sọ ọ́. Kọ "a ò wọ̀n ọ́n". Má sì gbìyànjú láti ka àlàfo irin lára fótò tí kò ní téèpù nínú. Ohun tó ṣì wà níta ni kó o lọ wọ̀n báyìí: fífẹ̀ pílà, gíga àtẹ̀gùn, nínípọn dẹ́kìn níbi ihò páìpù, ògiri búlọ́ọ̀kù. Kọ ọjọ́ òní sí wọn, kó o sọ pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lò ń wọ̀n. Ìyẹn gan-an á kún ojú ìwé mélòó kan tí ọkàn ẹ balẹ̀ lé lórí, àti pé súpáfáísọ̀ kọ́ńpìnì á rọrùn fún láti fọwọ́ sí ohun tó lè jáde lọ wò.

Ohun tí téèpù àti kámẹ́rà ò lè mọ̀ wà, àgbà nínú ẹ̀ ni agbára kọnkéré. Kọnkéré tó funfun dáadáa nínú fótò lè jẹ́ èyí tí omi pọ̀ jù nínú ẹ̀. Nítorí náà lọ́jọ́ káàsì, jókòó ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe kíúbù, ìyẹn àwọn àpótí irin 150 mìlímítà tí wọ́n ń rọ kọnkéré sí kí wọ́n lè lọ fọ́ ọ ní láàbù láti mọ agbára ẹ̀. Kọ àmì tí wọ́n fi sára kíúbù kọ̀ọ̀kan, kọ apá ibi tí wọ́n ń rọ kọnkéré sí lórí dẹ́kìn nígbà tí wọ́n bù ú, kọ aago, kọ bóyá ẹnì kan da omi kún míkísà. Ká ní Wẹ́sìdeè 12 oṣù kẹta ni wọ́n káàsì, èsì ọjọ́ keje á bọ́ sí 19 oṣù kẹta, ti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n á bọ́ sí 9 oṣù kẹrin. Ṣí ìwé ẹ lọ sí ọjọ́ méjèèjì yẹn báyìí, kọ àmì kíúbù síbẹ̀, fi àyè nọ́ńbà sílẹ̀. Tí áítì ẹ bá máa parí kó tó di 9 oṣù kẹrin, sọ fún ẹnjiníà sáìtì kó fi fótò èsì láàbù ránṣẹ́ sí ẹ, kó o kọ ọ́ sí àyè yẹn pẹ̀lú ọjọ́ tó dé ọwọ́ ẹ, àti pé láti orí Wásáàpù ló ti wá.